Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta, Ohùn Mẹ́jọ: Bí Àmì Kékeré Ṣe Ń Yí Àtẹ̀jíṣẹ́ Padà

Ìnáwó ku ọ̀sẹ̀ kan, aṣọ ẹbí ṣì wà lọ́wọ́ télọ̀. Oníbàárà wá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i lórí Wáàsáàpù: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aṣọ yẹn ti parí?" Èsì tí télọ̀ fẹ́ fọ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé aṣọ fún télọ̀ rí ló mọ̀ wọ́n. Àmọ́ ọ̀nà tó lè gbà tẹ̀ wọ́n pọ̀:

Ó kù díẹ̀

Ó kù díẹ̀.

Ó kù díẹ̀!

Ó kù díẹ̀!!!

Ó KÙ DÍẸ̀

Ó kù díẹ̀ 🙏

Ó kù díẹ̀ 😂

Ó kù díẹ̀ o

Ìròyìn kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í dún bákan náà létí ẹni tó ń kà wọ́n. Èkíní kò le, kò sì rọ̀. Èkejì dà bíi ti ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ní ọ̀yàyà díẹ̀. Nínú ẹ̀kẹrin, ó lè jẹ́ pé inú télọ̀ ń dùn pé iṣẹ́ ń parí lọ, ó sì lè jẹ́ pé ìbéèrè oníbàárà ti sú u. Ẹ̀karùn-ún ń pariwo. Ẹ̀kẹfà ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀keje ń rẹ́rìn-ín, oníbàárà sì lè máa rò ó pé kí ló pa télọ̀ lẹ́rìn-ín nínú aṣọ tí kò tíì parí. Ẹ̀kẹjọ ló sún mọ́ bí a ṣe ń fẹnu sọ ọ́ jù lọ.

Kí ló dé tí nǹkan tí kò tó nǹkan báyìí fi lè yí ọ̀rọ̀ padà tó bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá dúró lójú ara wa, ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ là ń gbọ́. À ń wo ojú, à ń gbọ́ bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò, a sì ń rí i bóyá ẹni náà kúnlẹ̀ tàbí ó kàn dúró gbagidi. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò gbé ìkankan nínú wọn. Nítorí náà ni ẹni tó ń kà á fi ń wá ohùn kiri nínú ohunkóhun tó bá rí, ìbáà ṣe àmì tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọ ọ́ kì í mọ̀ pé ohùn òun ti já bọ́. Ní ọdún 2005, Justin Kruger, Nicholas Epley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n ní kí àwọn kan fi ọ̀rọ̀ gidi àti ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, àwọn kan fi ohùn, àwọn kan fi lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó kọ lẹ́tà gbà pé ẹni tó máa kà á yóò mọ ẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ sí òótọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó kà á kò mọ̀ ọ́n tó bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe rò. Ẹni tó ń kọ̀wé ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú orí bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó wá rò pé ohùn yẹn ti bá lẹ́tà lọ.

Ìdánudúró tó ń mú ọ̀rọ̀ tutù

Nílé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé gbólóhùn tí kò bá ní ìdánudúró kò pé. Báwo wá ni àmì tó tọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe lè ba inú jẹ́?

Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Binghamton ní ìpínlẹ̀ New York, tí Celia Klin ṣáájú wọn, dán èyí wò, ìròyìn iṣẹ́ wọn sì jáde ní ọdún 2015. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 126 ní ọ̀rọ̀ kúkúrú láàárín ẹni méjì. Ẹnì kan á pe èkejì síbì kan, èkejì á sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn pé òun gbà. Nígbà mìíràn ìdánudúró wà lẹ́yìn èsì náà, nígbà mìíràn kò sí. Nígbà tó jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èsì tó ní ìdánudúró kò dà bí èyí tó ti inú wá tó èyí tí kò ní. Nígbà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà sórí bébà, ìdánudúró kò yí nǹkan kan padà.

Ìyàtọ̀ àárín bébà àti fóònù ló ṣàlàyé rẹ̀. Lórí bébà, ìdánudúró níṣẹ́ tó ń ṣe: òun ló ń sọ ibi tí gbólóhùn parí sí. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú, títẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ ti parí rẹ̀ ná. Bí ìdánudúró bá tún wá wà níbẹ̀, ó di àfikún, ẹni tó ń kà á á sì máa wá ìdí tí wọ́n fi fi í kún un. Ìdí tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé inú ń bí ẹni yẹn tàbí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n òfin yìí kò ká gbogbo ènìyàn mọ́. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá gùn tó gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìdánudúró padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Bákan náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ń kọ̀wé fún ogójì ọdún, kò lè fi ìdánudúró sílẹ̀ láé. Bí bàbá bá kọ "Mo ti gbọ́." sí ọmọ rẹ̀, kò bínú o, bó ṣe máa ń kọ̀wé nìyẹn. Àmọ́ bí ọ̀rẹ́ kan tí kì í fi ìdánudúró sí nǹkan bá ṣàdédé kọ "Mo ti gbọ́.", ó yẹ kí a fura.

Ibẹ̀ gan-an ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Àmì kì í dá sọ̀rọ̀. Bí ó ṣe yàtọ̀ sí ìṣe ẹni tó kọ ọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohùn àtẹ̀jíṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ mọ bí olúwarẹ̀ ṣe ń kọ̀wé lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò ṣe é.

Àmì ìyanu àti "o"

Àmì ìyanu kì í mú ìmọ̀lára tuntun wá. Èyí tó bá ọ̀rọ̀ nínú ló ń gbé sókè. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọpẹ́, ọpẹ́ náà á gbóná sí i: "Ẹ ṣé!" dùn ún kà ju "Ẹ ṣé" lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìkíni, bákan náà ni: "Ẹ kú oríire!" Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ àṣẹ, àṣẹ náà ni yóò le sí i. "Tètè dé" jẹ́ ìmọ̀ràn, "Tètè dé!" ti ń di ìkìlọ̀, "Tètè dé!!!" di ìbínú. Bí ó bá sì jẹ́ ìbéèrè, àmì tó bá pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á sọ ọ́ di ẹ̀sùn. Oníbàárà tó kọ "Ṣé aṣọ ti parí???" kò béèrè mọ́, ó ti ń bá télọ̀ jà.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ lo àmì ìyanu kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi tì. Lẹ́yìn ọpẹ́ àti ìkíni, kò léwu. Lẹ́yìn àṣẹ, ìkọ̀ àti ìbéèrè, ó máa ń mú nǹkan le ju bí a ṣe fẹ́ lọ. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹni tó ń kà á ló máa yan ìtumọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń kọ Yorùbá tún ní ohun kan lọ́wọ́ tó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, òun náà ni "o" tí a máa ń fi parí ọ̀rọ̀. "Ẹ ṣé o", "Ẹ kú iṣẹ́ o", "Ó dàárọ̀ o": ọ̀yàyà tí ẹlòmíràn ń wá nínú àmì ìyanu ti wà níbẹ̀. "O" tún ń rọ àṣẹ lójú: "Tètè dé o" ń fi hàn pé ọkàn ẹni tó sọ ọ́ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó sì lè kìlọ̀, bíi "Mo ti sọ fún ọ o". Nínú àtẹ̀jíṣẹ́, a máa ń fà á gùn láti fi gbé ohùn sókè: "Ẹ kú ọdún ooo". Nígbà tí ẹnì kan bá yọ "o" yìí kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó máa ń fi sí, a máa ń mọ̀ ọ́n lára kíákíá. "Ẹ ṣé" láti ọwọ́ ẹni tó máa ń kọ "Ẹ ṣé o" ń ṣe irú iṣẹ́ tí ìdánudúró ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Binghamton.

Lẹ́tà ńlá: ta ló ń pariwo?

Nígbà kan rí, lẹ́tà ńlá kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ariwo. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tẹligíráàmù àtijọ́ kò mọ lẹ́tà kékeré rárá, ìdí nìyẹn tí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi jẹ́ fi jẹ́ lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀. Iléeṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ṣì ń kọ ìsọfúnni rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2013 kó tó yọ̀ǹda lẹ́tà kékeré. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá fún ènìyàn ní àǹfààní láti yan èyí tó wù ú, lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀ di ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Ìgbà náà ni kíkà tí àwọn ènìyàn ń kà á sí ariwo wá gbilẹ̀.

Ó ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ní ọdún 2007, iléeṣẹ́ kan ní New Zealand lé òṣìṣẹ́bìnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn rẹ̀ sì ni pé lẹ́tà ńlá, àwọ̀ pupa àti lẹ́tà dúdú kirimú tó fi ń kọ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ń da àárín òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rú. Ó pe ẹjọ́, ó sì jàre, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà lé e kò tọ́. Wọ́n ní kí iléeṣẹ́ náà san dọ́là New Zealand 17,000 fún un.

Àmọ́ lórí fóònù àwọn àgbàlagbà tiwa, lẹ́tà ńlá kì í sábà jẹ́ ariwo. Màmá tó kọ "BAWO NI AWON OMO" lè ti ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì lẹ́tà ńlá, kó má sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tí lẹ́tà ńlá sì rọrùn fún un láti kà. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kí a wo àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ tó ti kọjá. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ lẹ́tà ńlá, ohùn rẹ̀ nìyẹn, kò sí ìjà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí nìkan, ó ní nǹkan tó ń dùn ún.

Lẹ́tà ńlá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yàtọ̀. Ó kàn ń tọ́ka sí ibi tí kókó wà ni: "Aṣọ náà á parí ní ỌJỌ́ ẸTÌ". Kò burú, ṣùgbọ́n ó lè dà bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Yorùbá ní ọ̀nà tó tura jù ú lọ: a kàn máa gbé ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì síwájú, a ó fi "ni" tì í lẹ́yìn. "Ọjọ́ Ẹtì ni aṣọ náà máa parí." Ọjọ́ Ẹtì náà ti yọ síta kedere, ẹnikẹ́ni kò sì pariwo.

Ẹmójì: ojú tí a fi ránṣẹ́

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, Scott Fahlman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, dá a lábàá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi àmì :-) sí ìdí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn kan ti ń gba ẹ̀fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òótọ́. Ní ọdún 1999, Shigetaka Kurita ya àwòrán 176 fún iléeṣẹ́ fóònù kan ní Jàpáànù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju àmì tó-tò-tó méjìlá lóòró, méjìlá níbùú. Ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ Yúníkóòdù, tó ń fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà kan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ, gba ẹmójì wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn láìsọnù.

Nọ́ńbà ni Yúníkóòdù ń fún wọn. Iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù ló ń ya ojú wọn. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Minnesota fi ojú kan náà han àwọn ènìyàn bí iléeṣẹ́ márùn-ún ṣe yà á. Ẹmójì 😁 wà lára àwọn tó ṣe wọ́n ní kàyéfì. Bí iléeṣẹ́ kan ṣe yà á ń fi ayọ̀ hàn, bí òmíràn ṣe yà á dà bí ẹni tó ń wa eyín pọ̀ nítorí ìrora. Láti ìgbà náà, àwọn iléeṣẹ́ ti mú àwòrán wọn sún mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà rí ohun mìíràn tí àtúnyà àwòrán kò lè wò sàn: bí ènìyàn méjì bá tilẹ̀ ń wo àwòrán kan náà gan-an, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbà ni wọn kì í fohùn ṣọ̀kan bóyá inú dídùn ló ń fi hàn, tàbí inú bíbàjẹ́, tàbí kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Àpẹẹrẹ tó le jù nínú rẹ̀ láàárín wa ni 😂. Ẹ̀rín tó mú omijé wá ni. Ṣùgbọ́n omijé ni ojú tí kò ríran dáadáa máa ń kọ́kọ́ rí, àgbàlagbà kan sì lè fi í sí ìdí ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn láìmọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní tiwọn: 😭, tó jẹ́ ẹkún gidi, ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rẹ́rìn-ín. Bí màmá bá rí i lórí fóònù ọmọ rẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Nínú ọ̀ràn ikú, kò sí ẹmójì tó tó "Ẹ kú ara fẹ́ra kù" tí a fi ọ̀rọ̀ kọ.

Ní ọdún 2019 ni 🧎 wọlé, ẹni tó kúnlẹ̀. Àwọn tó yà á kò ro ìkíni Yorùbá, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa ó rí iṣẹ́ gidi ṣe. Ọmọbìnrin tó kọ "Ẹ káàárọ̀ mà 🧎‍♀️" ti kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ láti ìlú òkèèrè. Àwọn ọkùnrin ń lo 🙇‍♂️ fún ìdọ̀bálẹ̀. Ohun tí ẹ má gbàgbé ni pé ẹmójì ń ti ọ̀wọ̀ lẹ́yìn ni, kò lè dá a sílẹ̀. "O ti jẹun? 🧎‍♀️" sí àgbàlagbà ṣì jẹ́ àfojúdi, nítorí pé "o" tó yẹ kó jẹ́ "ẹ" ti ba ìkúnlẹ̀ náà jẹ́. Ọ̀rọ̀ ló ń gbé ọ̀wọ̀, àwòrán ń bá a gbé e ni.

Àtàǹpàkò tó wọ ilé ẹjọ́

Nínú gbogbo wọn, 👍 ló ń dá èdèàiyédè sílẹ̀ jù. Fún àgbàlagbà, "mo ti rí i, ó dáa" ni. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, ó tutù, bí ẹni tí kò fẹ́ fèsì. Bí ọmọdé bá wá fi òun nìkan dá àgbà lóhùn, ó dà bí ìgbà tí wọ́n pè é tó kàn mi orí.

Ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà fi hàn bí a ṣe lè mọ ohùn àmì bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ẹni tó ń ra nǹkan oko fi àwòrán ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ kan, pé kí ó jẹ́rìí sí i pé òun yóò ta irúgbìn fláàsì fún iléeṣẹ́ òun. Àgbẹ̀ náà fi 👍 dá a lóhùn. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá tó yẹ kí ọjà dé, owó fláàsì ti gòkè, àgbẹ̀ kò sì kó nǹkan kan wá. Ó ní 👍 kàn túmọ̀ sí pé òun ti rí ìwé náà. Ẹni tó fẹ́ rà á ní ó túmọ̀ sí pé ó ti gbà.

Ní ọdún 2023, adájọ́ Timothy Keene dá ẹjọ́ náà. Kò fi ìtumọ̀ 👍 nínú ìwé nìkan parí rẹ̀. Ó wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń kọ síra wọn tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé nígbà tí wọ́n bá fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àgbẹ̀ náà á fi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì dáhùn, bíi "ó dáa", á sì kó ọjà wá bí ó ti yẹ. Lójú adájọ́, 👍 kàn bọ́ sí ààyè ọ̀rọ̀ kúkúrú wọ̀nyẹn ni. Ó ní kí àgbẹ̀ san ohun tó lé ní 82,000 dọ́là Kánádà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ìdájọ́ náà ní ọdún 2024.

Ohun tí adájọ́ yẹn ṣe ni gbogbo wa lè ṣe. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá dun yín, kí ẹ tó fèsì, ẹ yí ojú fóònù padà sókè, kí ẹ ka márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ẹni náà ti kọ tẹ́lẹ̀. Bí ìdánudúró, lẹ́tà ńlá tàbí 👍 rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ẹ má kà á sí ìbínú. Bí kò bá sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé "Ṣé kò sí o?" Bí ẹ̀yin lẹ sì ń kọ ọ́, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti owó, ti ikú tàbí ti ẹ̀bẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ fún àmì. Ẹ kọ gbólóhùn tó pé, tàbí kí ẹ pe ẹni náà kó gbọ́ ohùn yín fúnra rẹ̀.